«Àdánù», «olóògbé» àti «ẹ kú àṣẹ̀yìndè» nínú lẹ́tà ìbánikẹ́dùn

Olùbéèrè: Ìyá ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ni ó kú. Ẹni ọdún 58 ni wọ́n, ìyá tó bí wọn sì wà láyé. Ohun tí mo kọ nìyí: «Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba ìkẹ́dùn mi tó ti ọkàn wá lórí àdánù ńlá tó bá yín. Mo mọ bó ṣe ń ṣe yín. Olóògbé jẹ́ ìyá rere, akíkanjú àti aláàánú tí gbogbo ayé kò ní gbàgbé. Ẹ má sunkún mọ́, Ọlọ́run ló fún ni, òun náà ló gbà á. Bí ẹ bá nílò ohunkóhun, ẹ pè mí. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè.» Ó ń dún bí ìkéde orí rédíò létí mi. Kí ni kí n yọ? Ṣé «àdánù» tiẹ̀ bá a mu?

Olótùú: Ìparí ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni lẹ́tà yìí ti lè dá egbò sílẹ̀. Ẹni tí òbí rẹ̀ dàgbà dàgbà kó tó lọ ni a ń kí ní «ẹ kú àṣẹ̀yìndè». Ilé tí ìyá àgbà ṣì jókòó sí nígbà tí ọmọ rẹ̀ lọ, ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá ka kíkí yẹn sókè, tí ìyá àgbà wà níbẹ̀, bí ìgbà tí ẹ gbàgbé pé wọ́n wà láyé ni. «Ẹ kú ìnáwó» náà kò yẹ. «Ẹ kú ìrọ́jú» ni kí ẹ kọ, òun kò bèèrè ọjọ́ orí ẹnikẹ́ni, iwájú lẹ́tà sì ni kó wà.

«Ẹ gba ìkẹ́dùn mi» kò jọ ọ̀rọ̀ ẹnu wa. A kì í fa ẹ̀dùn lé ènìyàn lọ́wọ́, a máa ń bá a kẹ́ ẹ ni. «Mo bá yín kẹ́dùn» ti tó, kí ẹ sì yọ «tó ti ọkàn wá» kúrò. Ẹni tó ń kà á kò béèrè ibi tó ti wá. «Mo mọ bó ṣe ń ṣe yín» náà kò gbọdọ̀ dúró, àfi bí ẹ bá mọ̀ ọ́n lóòótọ́, kódà nígbà náà ìyá ti wọn kọ́ ni ìyá tiyín.

Ní ti ìyìn mẹ́ta tí ẹ tò tẹ̀lé ara wọn, ìyá ta ni a kò lè kọ ọ́ fún? Ẹ sọ ohun kan ṣoṣo tí ẹ fojú ara yín rí. Ǹjẹ́ ẹ mọ Màmá rárá?

Olùbéèrè: Ẹ̀ẹ̀kan ni mo rí wọn. Wọ́n gbé oúnjẹ wá fún ọmọ wọn ní ọ́fíìsì, wọ́n sì kí wa lórúkọ níkọ̀ọ̀kan, nítorí ọmọ wọn ti sọ̀rọ̀ wa nílé.

Olótùú: Ọ̀rọ̀ lẹ́tà yín nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́ yìí, ẹ má fi «ìwà ọmọlúàbí wọn» dí i lẹ́yìn.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: «Àdánù» kò dára rárá, ọ̀rọ̀ ọjà ni. Ẹni tí epo rẹ̀ dànù ló ní àdánù. «Òfò» ni ká kọ.

Olótùú: Ẹ gbà á ní ìdajì. Lóòótọ́, ọjà àti ohun ìní ni «àdánù» kọ́kọ́ ń rán etí mi sí. Ṣùgbọ́n «òfò» náà wá láti ọjà, èrè ni òdìkejì rẹ̀. «Ọ̀fọ̀» ni ẹ ń wá, òun ni ti ikú. Ẹ sì ṣọ́ra: bí fóònù yín kò bá fi àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ sí i, «ofo» tí ẹ fi ránṣẹ́ lè di òfò, ọ̀fọ̀, òfo tó jẹ́ asán, tàbí ọfọ̀ tí babaláwo ń pè. Ẹni tí kò bá lè fi àmì sí i, kó kúkú lo «ìrọ́jú».

Olùkọ́: Èmi kò fara mọ́ ohun tí ẹ sọ nípa «àdánù». Létí ibojì gan-an ni wọ́n ti ń sọ pé «àdánù ńlá ni», kò sì sẹ́ni tó ń ronú kan epo. Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́jà tipẹ́.

Olótùú: Létí ibojì, ìlú tàbí ìjọ ló ń sọ ohun tí òun pàdánù. Ọmọ kò pàdánù bẹ́ẹ̀, ìyá rẹ̀ ló kú. Ìdí nìyẹn tí «olóògbé» fi ń dún bíi rédíò: ìta ni a ti ń pè é. Ẹ kọ «Màmá».

Olùkọ́: «Màmá» tọ̀nà. Ti «àdánù» ṣì kù.

Akọ̀wé: Mùsùlùmí ni ẹni tiwa, ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ kú náà ni wọ́n sin ín. Èló ló yẹ kó wà nínú lẹ́tà?

Olótùú: Owó kò sí nínú ìbéèrè yìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó wà nínú àpò ìwé tirẹ̀, kí lẹ́tà má dárúkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá jọ wà pa pọ̀, owó ni wọn yóò kọ́kọ́ kà. Ní ti Mùsùlùmí, ẹ má kọ «sùn nínú Olúwa». «Kí Ọlọ́run forí jì wọ́n, kó tẹ́ wọn sí Àlùjánnà» ni kí ẹ kọ, kí lẹ́tà sì dé kí wọ́n tó ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ. Ẹ má kí wọn kú ìpalẹ̀mọ́ ìsìnkú, wọ́n ti sin ín.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Ṣé ká kọ «kú» ni? Ó le. «Filẹ̀ ṣaṣọ bora» ńkọ́?

Olùkọ́: Wọn kò tíì sin Màmá, ilẹ̀ kò tíì di aṣọ wọn. «Papò dà» tóbi jù fún lẹ́tà kúkúrú. «Ṣaláìsí» ni mo máa mú.

Olótùú: Èmi náà. «Ẹ má sunkún mọ́» jẹ́ àṣẹ, ẹ yọ ọ́. «Ọlọ́run ló gbà á» jẹ́ ohun tí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ lè sọ fúnra rẹ̀, a kì í bá a sọ ọ́. «Bí ẹ bá nílò ohunkóhun» ń fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ wọn: àwọn ni yóò ronú ohun tí wọ́n máa bèèrè. Ẹ dárúkọ iṣẹ́ kan tí ẹ ti gbà ṣe. Ó di báyìí:

«Ẹ kú ìrọ́jú. Mo gbọ́ pé Màmá ṣaláìsí, mo sì bá yín kẹ́dùn. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo rí wọn, lọ́jọ́ tí wọ́n gbé oúnjẹ yín wá sí ọ́fíìsì. Wọ́n kí wa lórúkọ níkọ̀ọ̀kan, nítorí ẹ ti sọ̀rọ̀ wa fún wọn. Èmi ni mo ń ṣe ìwé owó oṣù títí ẹ ó fi dé, ẹ má ronú lé e. Kò di dandan kí ẹ fèsì. Ẹ bá mi kí Màmá àgbà. Kí Ọlọ́run dúró ti ẹ̀yin àti àwọn.»

Orúkọ yín nìkan ni kó tẹ̀lé e. Bí ẹ kò bá tíì gba iṣẹ́ owó oṣù lọ́wọ́ ọ̀gá, ẹ yọ gbólóhùn yẹn títí ẹ ó fi gbà á.

Akọ̀wé: Ṣé gbogbo ọ́fíìsì lè fọwọ́ sí i?

Olótùú: Rárá, «mo rí wọn» yóò di irọ́ lẹ́nu àwọn tí kò sí níbẹ̀. Ẹ ra káàdì ọ̀tọ̀ fún gbogbo yín.

Olùkọ́: Ó kù kan. «Ẹ bá mi kí Màmá àgbà» ń bà mí lẹ́rù. Ọmọ tí omijé kò tíì gbẹ lójú rẹ̀, a tún ń rán an níṣẹ́ sí ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú.

Olótùú: Bí a kò bá dárúkọ wọn, ta ni yóò kí wọn? Àwọn gan-an ni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ jù.

Olùkọ́: Kí olùbéèrè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ kí wọn nígbà náà.