Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ ìkádìí ẹjọ́ mi, ìdí igi ni wọ́n fẹ́ fi borí wa

Títí Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, inú ń bí mi o. Lọ́la ni ìdíje kóòtù ìdánrawò wa. Yorùbá la máa fi rojọ́, olùkọ́ wa sì ní ìwàásù ni mo kọ, pé agbẹjọ́rò kì í sọ̀rọ̀ báyẹn. Ẹnìkejì mi ò ka nǹkan kan, kólà funfun mi tó yá kò sì tíì dá a padà. Ẹjọ́ ogún ni. Bàbá kan kú n'Íbàdàn, kò ṣe ìwé ìhágún. Ìyálé bí ọmọ kan, ìyàwó kékeré bí márùn-ún. Àwọn márùn-ún la dúró fún, orí-ò-jorí la fẹ́, kí wọ́n pín ogún náà dọ́gba fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ìdí igi ni àwọn alátakò fẹ́, kí wọ́n pín in dọ́gba fún ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan, iye ọmọ yòówù kó bí; ẹjọ́ Dáwódù àti Dáńmọ́lé ni wọ́n gbójú lé. Ohun tí mo kọ nìyí: "Olúwa mi, ìwà ìkà ni ìdí igi! Ẹ wo omijé àwọn ọmọ yìí!" Kí ló burú níbẹ̀?

Ìyá Ìbejì Òṣogbo: Ọmọ mi, ẹ má gbé e dé kóòtù rárá. Ọ̀rọ̀ ilé bàbá wa bẹ̀rẹ̀ báyìí náà ni, títí di òní ayálégbé ò mọ ẹni tí òun máa sanwó fún. Ẹ pe àwọn àgbà ẹbí.

Títí Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin: Mà, àfiṣe ni. Kò sẹ́ni tó kú.

Bàbá Ṣọlá: Ṣebí Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù ló dá ẹjọ́ yẹn ní 1962? A ti gbòmìnira ní 1960. Sọ fún adájọ́ pé kò kàn wá mọ́.

Agbẹjọ́rò Àgbà: Ẹ rọra, Bàbá Ṣọlá. Ẹjọ́ wa ṣì ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1962. Ìgbà tá a yọ ọbabìnrin wọn kúrò lórí wa ní 1963 ló tó dópin. Kóòtù tó ga jù nílùú wa náà tẹ̀ lé ìdájọ́ ọ̀hún nínú ẹjọ́ Adéníji ní 1972. Bó bá sọ ohun tẹ́ ẹ kọ́ ọ yìí, ìbéèrè adájọ́ á jẹ gbogbo àsìkò rẹ̀ tán.

Títí, ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án ni Dáwódù yẹn fi sílẹ̀. Adájọ́ Jíbówú kọ́kọ́ sọ pé orí-ò-jorí ló bá ẹ̀tọ́ mu. Àwọn kóòtù òkè dà á nù, wọ́n ní ìdí igi kò tako ẹ̀tọ́. Ohun tó ti fìdí rẹmi lo tún fẹ́ lọ sọ yẹn. Ta ni olórí ẹbí, kí ló sì sọ?

Bàbá Ṣọlá: Ẹ tiẹ̀ ṣírò ó ná. Ká ní owó ilé jẹ́ ₦1,200,000 lọ́dún. Nídìí igi, ọmọ ìyálé á nìkan gba ₦600,000, ₦120,000 ló máa kan ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn yòókù. Lórí-ò-jorí, ₦200,000 ni kálukú. Ẹ̀tọ́ wo ló wá wà nínú ti àkọ́kọ́?

Títí Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin: Ẹ bá mi sọ fún wọn, sà! Olórí ẹbí ọ̀hún ni àkọ́bí, ọmọ ìyálé yẹn gan-an. Ó ti pèpàdé nígbà tíjà bẹ̀rẹ̀, ó ní kí wọ́n pín in lórí-ò-jorí. Ìgbà tówó ilé wá pọ̀ ló yí ohùn padà. Mi ò rò pé ó ṣe pàtàkì.

Agbẹjọ́rò Àgbà: Háà! Ibẹ̀ lẹjọ́ wà! Ìdájọ́ 1962 yẹn náà ló sọ pé bí àríyànjiyàn bá wáyé lórí ìpín, olórí ẹbí lè ní kí wọ́n lo orí-ò-jorí. Má bá ìdájọ́ náà jà, gbà á lọ́wọ́ wọn:

"Olúwa mi, alátakò wa ní ìdí igi ni àṣà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọn ò ka ìdájọ́ tí wọ́n gbé wá dópin. Bíjà bá dé, ó fún olórí ẹbí láṣẹ láti yan orí-ò-jorí. Ìjà dé. Olórí ẹbí yàn án, lójú gbogbo ẹbí. Òun náà ló dúró níwájú yín lónìí, tó ní kẹ́ ẹ bá òun pa ohùn ara òun rẹ́. Àwọn ọmọ márùn-ún yìí ò ní kẹ́ ẹ yí àṣà padà. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún: ohun tí olórí ẹbí sọ ní pálọ̀ bàbá wọn, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó sẹ́ ẹ ní kóòtù."

Lẹ́yìn yẹn, jókòó.

Bàbá Ṣọlá: Bí wọ́n bá ní olórí ẹbí tó láṣẹ láti yàn tún láṣẹ láti yí i padà ńkọ́?

Agbẹjọ́rò Àgbà: Ìbéèrè gidi nìyẹn, èmi ni mo bá jẹ́ alátakò, òun ni màá bi í. Títí, ṣé wọ́n ti pín owó kankan lórí-ò-jorí kó tó yí ohùn padà? Bí wọ́n bá ti pín in, ó ṣòro fún un láti padà lẹ́yìn ọ̀rọ̀. Bí wọn ò bá tíì pín in, ẹ palẹ̀ mọ́ fún wàhálà.

Títí Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin: Màá lọ wò ó, sà. Àmọ́ ẹ jẹ́ n fi omijé yẹn sí i, mo ti há a sórí.

Agbẹjọ́rò Àgbà: Ta ló sunkún nínú ìwé ẹjọ́ tí wọ́n fún yín?

Títí Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin: Kò sí, sà. Ẹnìkejì mi ló ní ká fi kún un.