Ewì Faransé lórí òjò ńlá: báwo ló ṣe rí nígbà tí ẹ kà á sókè ní kíláàsì?

Ìyá Tíṣà
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Faransé ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ sẹ́kọ́ńdìrì n'Íbàdàn. Mo kọ ewì kékeré kan fún wọn lórí òjò ńlá:

*Il pleut, il pleut sur le toit,*
*Il pleut sur toi et sur moi.*
*L'eau descend dans la maison,*
*Maman pose un grand chaudron.*
*Le vent court dans le jardin,*
*Le tonnerre fait boum au loin.*

Kò sí ohun tó le níbẹ̀. Òjò ń rọ̀ sórí òrùlé, ó ń rọ̀ sórí èmi àti ìwọ, omi wọlé, ìyá gbé ìkòkò ńlá sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ń sáré nínú ọgbà, àrá ń sán lọ́ọ̀ọ́kán. Àmọ́ tí wọ́n bá ti ṣí ìwé báyìí, "tóítì" ni wọ́n ń pe ìparí ìlà kìíní, "móì" ni wọ́n ń pe ti ìkejì. Níbo ni ohùn méjèèjì ti fẹ́ bára mu? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ka irú ewì báyìí rí, ẹ sọ tiyín.

Ọmọ Pobẹ̀
Ìwé lẹ kọ́kọ́ kó lé wọn lọ́wọ́, ibẹ̀ ló ti bàjẹ́. Nílé ẹ̀kọ́ tí mo lọ ní Pobẹ̀, lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, a kì í fojú rí ewì ká tó mọ̀ ọ́n. Olùkọ́ á sọ ìlà kan, àwa náà á gbà á lẹ́nu rẹ̀, á tún sọ òmíràn. Ìgbà tó bá wọ̀ wá lẹ́nu tán ló ń tó kọ ọ́ sójú pátákó. Nígbà yẹn, gbogbo wa ti mọ̀ pé "tuwá" ló ń jẹ́, t tó jókòó sẹ́yìn *toit* kò lè tan ẹnikẹ́ni jẹ mọ́. Ti òjò gan-an tún wá yàtọ̀. Páànù ni wọ́n fi bo kíláàsì wa, bí òjò bá dé, a ò gbọ́ olùkọ́ mọ́, ni a ó bá máa fi ewì bá òjò du ariwo.

Bàbá Délé
Ẹ tún òrùlé ṣe, ẹ̀ ń gbé ìkòkò sílẹ̀ 😂

Ṣadé Èkó
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá ọ̀rọ̀ òjò ńlá sílẹ̀ níwájú mi. Ọjọ́ tí òjò ká mi mọ́ Mílẹ̀ Méjìlá, àgbàrá gbé bàtà mi ẹsẹ̀ kan lọ, mo dúró lórí búlọ́ọ̀kù bí ẹyẹ lékèélékèé, kọ́ńdọ́ wá ń bi mí bóyá màá wọlé tàbí màá fò.

Bàbá Délé
Àǹtí, Faransé là ń sọ o.

Ṣadé Èkó
Mo mọ̀. Bàtà Faransé ni.

Gbénró
Ìyá Tíṣà, òfin kan ṣoṣo ló wà. Kí wọ́n má pe lẹ́tà tó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ Faransé rárá. Ó parí.

Alàgbà Ìró
Gbénró, ìdajì òótọ́ nìyẹn. Fi òfin rẹ pe *il* àti *sur* ká gbọ́. Ṣé "ì" àti "sú" lo máa wí ni? l àti r ìparí wọn ń dún ketekete, *court* náà sì ń gbé r rẹ̀ jáde, t rẹ̀ nìkan ló yadi. t inú *toit*, *pleut* àti *vent* yadi lóòótọ́, d inú *descend* náà yadi.

Àmọ́ mo ti kọ́ Faransé pẹ́ díẹ̀ ní Bàdágírì kí n tó fẹ̀yìn tì, ohun tó ń ba ewì jẹ́ lẹ́nu ọmọ Yorùbá jù kì í ṣe ìparí ọ̀rọ̀. Àárín ni. Èdè wa kì í to kọ́ńsónáǹtì méjì tẹ̀léra, nítorí náà, ahọ́n ọmọ á fi fáwẹ̀lì há àárín wọn. Báyìí ni kíláàsì mi kan ṣe ka irú ìlà kìíní yẹn: "ì-lì-pù-lé, ì-lì-pù-lé, sú-rù-lè-tù-wá." Ẹ pàtẹ́wọ́ sí i, ẹ ó rí i pé mẹ́tàlá ni. Bẹ́ẹ̀ méje péré ló yẹ kó jẹ́: il, pleut, il, pleut, sur, le, toit.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á. Bó bá ti ju méje, a ó dúró, a ó wá ibi tí fáwẹ̀lì ti yọ́ wọlé. Fún *pleut*, mo ní kí wọ́n pa ètè dé, kí ahọ́n ti fara mọ́ òkè ẹnu fún l kí ètè tó ṣí rárá. Bó bá ṣí, p àti l á jáde pọ̀. Ìró tó tẹ̀lé e, ẹnu á fẹ́ pe é, ètè á ká bíi ti ó. Ìparí *maison* àti *chaudron* kò ní dà yín láàmú, a ti ní "ọn" látilé.

Màmá Twins, Lọ́ńdọ̀nù
Kíláàsì ọmọ mi níbí ka ti òjò kan. Olùkọ́ wọn ní kí wọ́n fi ìka ta tábìlì jẹ́jẹ́ ní ìlà kìíní, kí ó máa le sí i bí òjò ṣe ń le. Nígbà tó fi máa dé ìparí, a ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan mọ́, tábìlì nìkan la gbọ́. Gbogbo òbí pàtẹ́wọ́.

Gbénró
Ṣẹ́ ẹ rí i, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá wọ́n pe t.

Ìyá Tíṣà
Alàgbà, ẹ ṣeun, sà. Mo fi àtẹ́wọ́ wò ó fúnra mi. Ìlà márùn-ún àkọ́kọ́ jẹ́ méje-méje. Ìlà ti àrá ń fún mi ní mẹ́jọ, mi ò sì fi fáwẹ̀lì kankan kún un.

Alàgbà Ìró
*Tonnerre* ni. Nínú ewì wọn láyé àtijọ́, e ìparí ọ̀rọ̀ ń dún bí kọ́ńsónáǹtì bá tẹ̀lé e. Nítorí f inú *fait*, "to-nẹ̀-re" ni, ó di mẹ́jọ. Lẹ́nu ọjà, "tonẹ̀r" ni wọ́n ń wí, ó padà di méje. Ní *pose un*, e kò dún rárá torí fáwẹ̀lì ló tẹ̀lé e. Ẹ yan ọ̀kan fún kíláàsì, kí àwọn kan má máa wí méje, kí àwọn kan má máa wí mẹ́jọ.

Ọmọ Pobẹ̀
Ẹ pe gbogbo rẹ̀ jáde. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn.

Alàgbà Ìró
Ìlà náà á gùn ju àwọn yòókù lọ. Olùbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n.

Ọmọ Pobẹ̀
Kò burú, ìlà mìíràn tún wà tí mi ò fara mọ́. Ta ló ń fi *chaudron* gba omi òjò? Ìkòkò inú àlọ́ àwọn àjẹ́ ìlú wọn ni mo máa ń rántí bí mo bá gbọ́ ọ. Lọ́dọ̀ wa, *bassine* la ń gbé sábẹ́ ibi tó ń jò. Ẹ wo èyí:

*L'eau coule dans la cuisine,*
*Maman pose une bassine.*

Omi ń ṣàn nínú ilé ìdáná, ìyá gbé básíà sílẹ̀. Méje-méje ni, bí ẹ bá ti pe e inú *coule* àti *une* jáde.

Bàbá Délé
Ìdílé yìí ti ń kó ìkòkò kiri tipẹ́, ẹ gba wọ́n o.

Alàgbà Ìró
Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tẹ́ ẹ gbé lé ọmọ lórí: *cuisine* ní ìró tí kò sí lédè wa, *une* náà ní ọ̀kan, s inú *cuisine* tún ń dún bíi z. *Maison* náà ní z yẹn o, ṣùgbọ́n ìṣòro kan ṣoṣo rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ á sọ "kùísíìnì" bó ṣe ń sọ orúkọ oúnjẹ.

Ìyá Tíṣà
Mo nífẹ̀ẹ́ *bassine*. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ọmọ náà ló ní básíà nílé.

Ṣadé Èkó
Kí *bassine* wà níbẹ̀. Básíà ni wọ́n fi gbé mi kọjá lọ́jọ́ yẹn.

Bàbá Délé
Irọ́!

Ṣadé Èkó
Ẹ bi kọ́ńdọ́.