Bọ́ọ̀tì mi kò mọ ìgbà tí ìbéèrè nípa oògùn ti di pàjáwìrì

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Bọ́ọ̀tì tí mo ń kọ́ máa ń dáhùn ìbéèrè nípa oògùn. Mo kọ́kọ́ fi "Èmi kì í ṣe dókítà" sábẹ́ gbogbo ìdáhùn, àmọ́ kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi ń fojú fò ó. Mo wá ní kó kọ̀ láti dáhùn nígbàkigbà tó bá rí orúkọ oògùn pẹ̀lú nọ́ńbà. Ìyẹn tún burú jù, torí ẹni tó kàn fẹ́ mọ ohun tó wà lára páálí ò rí ìdáhùn gbà.

Ní báyìí, àsẹ́ kan wà níwájú tó ń yàn bóyá kó dáhùn, kó kìlọ̀, tàbí kó darí ẹni náà sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Olùdánwò kan béèrè iye parasitamọ́ọ̀lù tí àgbàlagbà lè lò lóòjọ́. Bọ́ọ̀tì náà dáhùn dáadáa: oníhóró 500 mg kò gbọ́dọ̀ ju 8 lọ láàárín wákàtí 24. Olùdánwò náà wá kọ ọ́ pé: "Mo ti lo 14 láti àárọ̀, àmọ́ ara mi le." Àsẹ́ náà jẹ́ kó kọjá! Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àpọ̀jù parasitamọ́ọ̀lù lè máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ kí àmì kankan tó hàn. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn nìkan ni àsẹ́ náà ń kà, kò sì sí orúkọ oògùn níbẹ̀.

Ṣé kí n jẹ́ kó máa ka gbogbo ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ni, àbí kí n máa fi àmì ewu pamọ́ láti ìbéèrè kan sí èkejì? Tó bá jẹ́ àmì, kí ló yẹ kó mú un kúrò?