Kóòdù orí nọ́ńbà àbí ti áàpù: kí lojú yín ti rí?

Télọ̀_Ojúẹlẹ́gba: Ẹni tó bá ti pàdánù nọ́ńbà rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ṣé kí kóòdù tí mo fi ń wọ íméèlì mi máa wá nípa àtẹ̀jíṣẹ́ ni, àbí kí n lo áàpù tó ń mú kóòdù wá?

ÌyáÌbejì_Bàlógun: Mo lo ọdún kan àti oṣù díẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ mi lókè òkun, síìmù mi wà nílé ní Èbúté Mẹ́ta. Mo ti gbé áàpù sórí íméèlì kí n tó lọ, ọkàn mi balẹ̀. Mo dé, fóònù mi kú. Ọmọ àbúrò mi tẹ "Try another way" lórí fóònù tuntun, kóòdù bá gba orí nọ́ńbà mi àtijọ́ lọ! A pè é, obìnrin kan ló gbé e, Ìkòròdú ló wà. Ó ní òun ra síìmù òun ni. Òun náà ló ka kóòdù fún wa.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Èkó: Ní Èkó yìí? Irọ́ 😂

ÌyáÌbejì_Bàlógun: Ìwọ náà wá pè é.

Atúnfóònùṣe_Ìkẹjà: Kì í ṣe irọ́ o. Síìmù tẹ́ ẹ ò fi pe èèyàn, tẹ́ ẹ ò fi ra dátà fún oṣù 6, wọ́n lè tì í pa. Bó bá tún di oṣù 6 mìíràn, ó lè di ti ẹlòmíì. Màmá, áàpù yín ò ní ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ ti ilẹ̀kùn iwájú, ẹ ṣí tẹ̀yìn sílẹ̀. Ó yẹ kẹ́ ẹ yọ nọ́ńbà yẹn kúrò lára ibi tí kóòdù lè gbà wá.

Ẹ̀gbọ́n_Múṣìn: Ẹ má tan ara yín. Wọ́n já fóònù mi gbà ní Òṣòdì. Lọ́jọ́ kejì, mo fi NIN gba síìmù padà, nọ́ńbà mi dé. Áàpù ńkọ́? Ó bá olè lọ. Títí dòní mi ò rí íméèlì yẹn wọ̀. Ó tún ń jẹ dátà!

Atúnfóònùṣe_Ìkẹjà: Kì í jẹ dátà, ẹ̀gbọ́n. Aago fóònù ló ń tẹ̀ lé, tí aago bá ṣìnà ni kóòdù máa ń kọ̀. Àmọ́ ẹjọ́ yín tọ̀nà ní ti olè. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣètò rẹ̀, ẹ fi áàpù orí fóònù méjì ya àwòrán QR dúdú-funfun kan náà, àwọn méjèèjì á máa mú kóòdù kan náà wá. Lẹ́yìn náà, ẹ da kóòdù ìpamọ́ kọ sínú ìwé. Mẹ́wàá ni Google máa ń fúnni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣiṣẹ́. Ìgbà tí ìwé bá wà nílé lẹ tó lè yọ nọ́ńbà.

Ẹ̀gbọ́n_Múṣìn: Fóònù kejì wo? Ti ìyàwó mi?

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Èkó: Ẹ̀rù ń bà wọ́n 😂😂

Ẹ̀gbọ́n_Múṣìn: Ọmọdé ni ẹ́.

Télọ̀_Ojúẹlẹ́gba: Mo ti kọ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sẹ́yìn ìwé tí mo fi ń wọn aṣọ. Ṣùgbọ́n báńkì mi ò ní áàpù kóòdù kankan, àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan ni. Tìyẹn ńkọ́?

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Èkó: Màmá, ṣé obìnrin Ìkòròdú yẹn ti lọ́kọ?