Ibi tí òru búrẹ́dì wa ń lọ

Ìyá Oníbúrẹ́dì:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ká sọ ohun tójú wa rí nídìí iṣẹ́, tèmi rèé. Nílé búrẹ́dì wa n'Ìbàdàn, àpò fúláwà mẹ́ta là ń pò lálẹ́. Àpò kan ń mú nǹkan bí 100 búrẹ́dì ńlá jáde, óófùn alámọ̀ wa ò sì gbà ju 100 lọ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó ń gbà á tà fẹ́ ẹ ní aago 5 ìdájí, àwa kì í parí kó tó di 7:30. Mo ti ń wá owó óófùn kejì kiri kí àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ ní fákítìrì tó ní kí n má tíì ná kọ́bọ̀, ká kọ́kọ́ ya fáliù sitiríìmù máàpù, ìyẹn àwòrán tó ń fi gbogbo iṣẹ́ àti ìdúró hàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àti àsìkò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà.

Ó ní kí n má bi ẹnikẹ́ni pé iṣẹ́jú mélòó niṣẹ́ rẹ̀ ń gbà, kí n wo aago fúnra mi. Ẹnu ilẹ̀kùn tí ọkọ̀ ti ń kó búrẹ́dì la ti bẹ̀rẹ̀, a ń rìn padà síbi míkísà. A ya àpótí fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sórí páálí. Níbi tí nǹkan bá jókòó tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án, a ya igun mẹ́ta. Lẹ́yìn náà la wá tẹ̀lé pípò kẹta nìkan, láti ìrọ̀lẹ́ di àárọ̀.

Aago 7 alẹ́ la dà á sí míkísà. Ó jáde ní 7:30, ó dúró ìṣẹ́jú 20 kí àwọn tó ń gé e tó ráyè fún un. Wọ́n kó o sínú páànù tán ní 8:30. Ó wú fún wákàtí 3, ó tó yan ní 11:30, àmọ́ pípò kejì ṣì wà nínú óófùn. Ó di 12:40 kó tó wọlé. Ó jáde ní 1:25, ó tutù tán ní nǹkan bí 3:25. Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé e? Aago 6 ló ń dé! Pípò kẹta ò sì kàn án títí di 7.

Nígbà tá a ṣírò gbogbo rẹ̀, wákàtí 12 ààbọ̀ ni. Ọwọ́ èèyàn àti iná kò gbà ju ìṣẹ́jú 145 lọ. Wíwú àti títutù gba 300. Ìyókù, ìṣẹ́jú 305, ìjókòó lásán ni.

Ọmọ Òṣogbo:
Ẹ̀yin ò rí i ni? Wákàtí 3 tó fi ń wú ló gùn jù níbẹ̀. Ẹ fi yíìsì kún un, kó wú ní wákàtí kan ààbọ̀.

Bàbá Míkísà:
Òótọ́ ni pé á yá, ṣùgbọ́n á máa rùn yíìsì, inú rẹ̀ á sì lu ihò gbàgàdà. Yíìsì ń ṣiṣẹ́ nígbà tó ń wú, ìyẹn kì í ṣe ìdúró. Ìṣẹ́jú 70 tó tẹ̀ lé e ni kẹ́ ẹ wò. Ìyá, ṣé pípò kẹta kì í tẹ́ lórí?

Ìyá Oníbúrẹ́dì:
A máa tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á hunjọ tó bá tutù! Mo ti bá ẹni tó ń ta yíìsì fún wa jà lórí ẹ̀ rí.

Bàbá Míkísà:
Ó ti wú kọjá ni. Ẹ fìka tẹ̀ ẹ́ díẹ̀: tójú ìka bá jìn síbẹ̀ tí ò padà rárá, ó ti pẹ́ jù. Yíyan ìṣẹ́jú 45, kíkó jáde àti dídáná padà 30, ìyẹn 75. Ìṣẹ́jú 75 síra wọn ni kẹ́ ẹ máa pò ó: aago 6, 7:15, 8:30.

Aṣọ́-ọjà:
Máàpù tèmi ni ti àdúgbò tí mò ń gbé búrẹ́dì lọ. Ṣé ti ọ̀nà ọkọ̀ lẹ̀ ń sọ?

Ìyá Oníbúrẹ́dì:
Rárá o, ti inú ilé ni. Bàbá, torí kí iná má lọ la ṣe ń pò ó léraléra. Jẹnẹrétọ̀ la fi pò kẹta lọ́sẹ̀ tó kọjá, orí rẹ̀ ò tẹ́ mọ́. Aago 12:40 náà ló ṣì wọ óófùn.

Ìdí-Ẹ̀rọ:
Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń gé e dé ní aago 3, ẹ óò parí ní 4:30. Èmi ò tiẹ̀ gbà pé títutù yẹn ní láti tó wákàtí 2. Fáànù ńkọ́?

Bàbá Míkísà:
Tójú bá tutù tí inú ṣì gbóná, á lẹ̀ mọ́ abẹ, náílọ́ọ̀nù á làágùn, á sì bu. Èmi ò ní gbẹ́kẹ̀ lé fáànù.

Ìdí-Ẹ̀rọ:
Wákàtí kan ààbọ̀ ni tiwa, kò bu rí.

Ìyá Oníbúrẹ́dì:
Mo ti dá owó óófùn dúró ná. Ẹni tó ń gé e ló kù: kò sí ọkọ̀ ní aago 3 òru, ó ní àfi kó sùn síbẹ̀, owó rẹ̀ á sì lé. A ṣì ń nájà.