Àbọ̀ lórí ìjókòó àpérò tó ń kọlu ara wọn

"Báwo ni mo ṣe máa to ìjókòó àpérò sí yàrá mẹ́ta kí àwọn tí èrò ń fẹ́ má bàa bọ́ sí àkókò kan náà?"

Ẹ ṣé o, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yanjú tán. Ẹni tó ní kí n má wo iye èrò nìkan ló gbà á. Mo fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sáwọn tó forúkọ sílẹ̀ pé kí wọ́n mú ìjókòó márùn-ún tí wọn ò fẹ́ pàdánù, mo wá ka iye èèyàn tó mú méjì-méjì pọ̀. Ààbò dátà àti iṣẹ́ ọnà, èrò méjèèjì pọ̀ gan-an, àmọ́ èèyàn 4 péré ló fẹ́ méjèèjì, ni mo bá kó wọn sí àkókò kan náà. Ààbò dátà àti òfin dátà ńkọ́? Èèyàn 61! Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ tú ká.

Gbọ̀ngàn ńlá tẹ́nì kan dábàá jẹ́ kí wọ́n ríbi jókòó lóòótọ́, ṣùgbọ́n èèyàn ò lè wà níbi méjì. Fídíò tẹ́lòmíràn dábàá, àpérò orí ayélujára nìyẹn bá mu jù.

Olùbánisọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ àárọ̀ nìkan ló ráyè ṣì ń kọlu òmíràn, mi ò tíì rí i tò.