Kíléèmù kópíráìtì lórí fídíò orin mi: ṣé owó ni wọ́n ń gbà ni àbí wọ́n ti dí i pa?

Akọrin Adó:
Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tí irú èyí bá ti ṣẹlẹ̀ sí rí kó jọ̀ọ́ sọ tiẹ̀ fún mi. Ọjọ́ Ẹtì ni mo gbé fídíò orin mi sórí Yútúùbù, èyí tá a lọ yà ní Ìkọ̀gòsì níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé, owó ọkọ̀, owó oníjó, owó kámẹ́rà, gbogbo ẹ̀ ni mo san. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ìméèlì wọlé pé kíléèmù kópíráìtì wà lórí ẹ̀. Mo ṣí i lórí fóònù mi níbí, ó ń ṣiṣẹ́, ìpolówó tún ń jáde níwájú ẹ̀, mo ní ó dáa, kò tí ì bàjẹ́. Àfi bí àbúrò ọkọ mi tó wà ní Jámánì ṣe pè lálẹ́ pé òun ò rí nǹkan kan, dúdú ni. Mi ò wá mọ èyí tí màá gbà gbọ́.

Ọmọ Ìjerò:
Ẹ yọ ọ́ kíá! Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ni wọ́n ń fún èèyàn, wọ́n á pa ṣánẹ́lì yín rẹ́ pátápátá. Ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rẹ́ mi.

Kámẹ́rà Òkèṣà:
Ẹ má yọ nǹkan kan o. Ọmọ Ìjerò, òótọ́ ni pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàárín 90 ọjọ́ lè pa ṣánẹ́lì, àmọ́ sítíráìkì nìyẹn, kíléèmù ò kí ń ṣe sítíráìkì. Kíléèmù yìí, ẹ̀rọ ló bá ohùn inú fídíò yín mu pẹ̀lú ohùn tí ẹnì kan ti fi orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ẹni yẹn ló sì ti sọ tẹ́lẹ̀ ohun tó yẹ kó máa ṣẹlẹ̀: kí owó ìpolówó máa wá sọ́dọ̀ òun, tàbí kí wọ́n dí fídíò náà, tàbí kí òun kàn máa wo iye èèyàn tó ń wò ó. Ó sì lè sọ ohun kan fún orílẹ̀-èdè kan kó sọ òmíì fún èkejì, ìdí nìyẹn tí Adó fi ń rí i tí Jámánì ò rí i.

Àǹtí, pé ẹ rí ìpolówó kì í ṣe ẹ̀rí ohunkóhun o. Láti ìparí 2020 ni Yútúùbù ti lè fi ìpolówó sórí fídíò ẹnikẹ́ni, kódà ẹni tí kò tí ì máa gbowó. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ẹ fi lè mọ̀ ni kí ẹ lọ wò ó nínú YouTube Studio. Ẹ tẹ Content, ẹ wá òpó tí wọ́n kọ Restrictions sí, ẹ máa rí Copyright lẹ́gbẹ̀ẹ́ fídíò yẹn, ẹ gbé ọfà máòsì lé e lórí kí ẹ tẹ See details. Ojú ìwé tó bá ṣí, ìlà kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ jẹ́ kíléèmù kan, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ Impact on the video ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ ka gbogbo ìlà o, ẹ má ka ti òkè nìkan.

Ìyá Ìbejì Ajílòsun:
Tèmi náà rí bẹ́ẹ̀ gan-an o. Fídíò ìkómọ àwọn ọmọ mi ni mo gbé sí Fésìbúùkù, bí wọ́n ṣe débi tí ìyá ọkọ mi ń ki àwọn ọmọ, ohùn bá kúrò, ẹnu wọn kàn ń mì lásán, nítorí orin tí díjéè ń lù lẹ́yìn. Ó dùn mí títí di òní. Màmá yẹn ti kú, mi ò sì ní ẹ̀dà oríkì yẹn mìíì.

Akọrin Ọ̀yẹ́:
Háà, ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere. Ẹni tó ya fídíò náà ńkọ́, ṣé ẹ ti bi í léèrè? Wọ́n sábà máa ń ní ojúlówó rẹ̀ kí wọ́n tó gbé orin lé e.

Ìyá Ìbejì Ajílòsun:
Ẹ ṣé, màá pè é láàárọ̀. Ọkàn mi ò lọ síbẹ̀ rárá.

Ọmọ Ìjerò:
Kí àbúrò ọkọ yín lo VPN, ó parí.

Kámẹ́rà Òkèṣà:
Òun nìkan á rí i nìyẹn, gbogbo Jámánì tó kù ńkọ́? Àǹtí, ẹ kọ́kọ́ ní kó ya ojú fóònù ẹ̀ ránṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé wọ́n dí i lóòótọ́, ó máa rí `Video unavailable`, àti àlàyé pé ẹnì kan `has blocked it in your country on copyright grounds`. Tí kò bá rí ìyẹn, bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀ ni.

Akọrin Adó:
Mo padà dé. Nínú fóònù mi ojú mi ò gbé e dáadáa, mo wá lo kọ̀ǹpútà ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ìlà méjì ló wà níbẹ̀! Ti àkọ́kọ́ mú láti ìbẹ̀rẹ̀ orin títí dé òpin, wọ́n ní fídíò náà ò lè pawó fún mi, ẹlòmíì ló ń gbà á, àmọ́ wọn ò dí i níbì kankan. Ìkejì mú láti 2:41 sí 3:05 péré, wọ́n kọ Blocked in some territories, mo gbé ọfà lé e, orúkọ Jámánì àti Ọ́síríà ló jáde. Àbúrò ọkọ mi sì ti fi àwòrán ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ yẹn ló wà níbẹ̀.

Ní 2:41 yẹn, ẹ̀dítọ̀ wa ló gé ìlù àti ègbè kan látinú rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́, ó lọ fi síbi tí àwọn oníjó ti ń jó létí omi. Mi ò mọ̀ pé ìṣẹ́jú àáyá 24 lè tó nǹkan.

Onílù Ìkẹ́rẹ́:
Orin àwọn baba ńlá wa kọ́ nìyẹn ni? Kí ló kan ẹni tó fi orúkọ sílẹ̀? Orin tí wọ́n ti ń kọ nígbà ọdún Olósùnta kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa. Inú ń bí mi sí ọ̀rọ̀ yìí.

Akọrin Ọ̀yẹ́:
Bùrọ̀dá Onílù, orin náà ò ní olóhun, àmọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn ní. Tí àǹtí bá fi ẹnu ara wọn kọ ọ́, tí ẹ̀yin náà sì lu ìlù ẹ̀ fún wọn, kò sẹ́ni tó yẹ kó mú wọn. Ohùn tí ẹlòmíì gbà sílẹ̀ ní sítúdíò ni ẹ̀dítọ̀ mú, ìyẹn ni ẹ̀rọ gbọ́.

Onílù Ìkẹ́rẹ́:
Ẹ̀rọ ti mú èmi náà níbi tí mo ti fi ọwọ́ ara mi lu dùǹdún o, nítorí náà ẹ má sọ pé kò sẹ́ni tó ń múni.

Kámẹ́rà Òkèṣà:
Ìyẹn náà máa ń ṣẹlẹ̀, irú ẹ̀ ni Dispute wà fún, kí ẹ fi ta ko kíléèmù. Ti àǹtí yàtọ̀, rẹ́kọ́ọ̀dù ni wọ́n lò lóòótọ́. Ẹ má tẹ Dispute lórí ìlà kejì yẹn. Tí ẹ bá jà á tí olóhun bá kọ̀, ó lè ní kí wọ́n yọ fídíò náà kúrò, ìgbà yẹn gan-an ni sítíráìkì tí Ọmọ Ìjerò ń sọ máa dé. Ẹ lọ sí Actions ní ìlà yẹn, ẹ lè gé ibẹ̀ kúrò, ẹ lè pa ohùn ibẹ̀, tàbí kí ẹ fi orin mìíì rọ́pò ẹ̀. Líǹkì yín ò ní yí padà, iye èèyàn tó ti wò ó ò sì ní dànù, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ má yọ ọ́.

Ti ìlà àkọ́kọ́, bíìtì ni, àbí? Níbo lẹ ti rà á?

Akọrin Adó:
Orí ẹ̀rọ ayélujára ni, 30 dọ́là, ìwé ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.

Kámẹ́rà Òkèṣà:
Ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ `non-exclusive` sí i. Mo lérò pé ẹlòmíì ló ra bíìtì kan náà, tó kọrin lé e, tí ilé iṣẹ́ tó ń pín orin ẹ̀ sì fi gbogbo ẹ̀ sínú Content ID, ẹ̀rọ tó ń bá ohùn mu yẹn. Kò yẹ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ rárá, ohun tó jẹ́ ti èèyàn nìkan ló yẹ kó fi síbẹ̀. Èyí ni ẹ máa tẹ Dispute lé lórí, ẹ fi nọ́ńbà ìwé yẹn sí i. 30 ọjọ́ ni wọ́n ní láti dáhùn, tí wọn ò bá dáhùn kíléèmù á kúrò.

Onílù Ìkẹ́rẹ́:
Èmi náà ń ta bíìtì, mo ti ta ẹyọ kan fún èèyàn mẹ́rin rí. Ẹ má dá wa lẹ́bi, a ò lè ta ọ̀kan ní 30 dọ́là ká tún tì í mọ́ ẹnì kan lọ́wọ́.

Akọrin Ọ̀yẹ́:
Kẹ́ ẹ máa sọ ọ́ kí wọ́n tó sanwó ni! Èmi ò mọ̀ títí mo fi gbọ́ bíìtì mi nínú orin ẹlòmíì.

Onílù Ìkẹ́rẹ́:
Ó wà nínú ìwé. Ẹ ò kà á ni.

Akọrin Ọ̀yẹ́:
Ìwé gẹ̀ẹ́sì ojú ewé mẹ́fà, ta ló fẹ́ kà á?

Ọmọ Ìjerò:
Àǹtí, ṣé ṣánẹ́lì yín tiẹ̀ ti ń gbowó? Tí ẹ ò bá tí ì ní àwọn 1,000 tó ń tẹ̀lé yín àti wákàtí 4,000 tí èèyàn fi wo fídíò yín, kí lẹ ń jà sí?

Akọrin Adó:
780 ni wọ́n. Àmọ́ mi ò fẹ́ kí ẹlòmíì máa jẹ owó orí omi Ìkọ̀gòsì tí mo fi owó mi yà. Àti pé tó bá di 1,000, ṣé fídíò yìí ò ní pawó fún mi náà ni?

Kámẹ́rà Òkèṣà:
Kò ní pawó tí kíléèmù bá ṣì wà lórí ẹ̀. Ẹ jà á nísinsìnyí. Kí ẹni tí ṣánẹ́lì ẹ̀ ti ń gbowó rántí pé láàárín ọjọ́ 5 tí kíléèmù dé ló yẹ kó tẹ Dispute, wọ́n á tọ́jú gbogbo owó náà láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tó jà á ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí tọ́jú ẹ̀.

Ọ̀dọ́ Ìdó:
Ẹ gbà mí. Mo gé ìṣẹ́jú 1:20 nínú orin mi fún Shorts, wọ́n dí i ní gbogbo ayé, bẹ́ẹ̀ kíléèmù kan náà wà lórí fídíò gígùn tí wọn ò sì dí ìyẹn. Kí ló fà á?

Kámẹ́rà Òkèṣà:
Gígùn ẹ̀ ni. Láti oṣù kẹwàá 2024 tí wọ́n ti jẹ́ kí Shorts gùn tó ìṣẹ́jú 3, èyí tó bá ju ìṣẹ́jú kan lọ tí kíléèmù sì wà lórí ẹ̀, dídí ni wọ́n ń dí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó nìkan ni olóhun béèrè. Gé e sí ìṣẹ́jú àáyá 55 kí o tún un gbé. Èmi, Private ni mo kọ́kọ́ máa ń fi fídíò oníbàárà sí, màá dúró kí Checks tí Yútúùbù fi ń wá kíléèmù parí, màá ka Impact yẹn kí n tó jẹ́ kí ayé rí i.

Akọrin Adó:
Ó ti ṣe o! Mo gé 2:41 sí 3:05 kúrò lánàá, wákàtí mélòó kan ló fi ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, ìlà kejì ti lọ. Àbúrò ọkọ mi wò ó lówùúrọ̀ yìí ní Jámánì, ó ní ijó ibẹ̀ fò díẹ̀ bí ẹni kọsẹ̀, àmọ́ ó wò ó parí. Ti bíìtì, mo ti tẹ Dispute, mo ń ka ọjọ́. Bùrọ̀dá Onílù, tí mo bá wá sí Ìkẹ́rẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ṣé ẹ lè lu ègbè yẹn fún mi kí n fi ẹnu ara mi kọ ọ́?

Onílù Ìkẹ́rẹ́:
Ẹ máa bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Màá kọ ìwé ẹ̀ fún yín ní Yorùbá, ojú ewé kan.